Kí Oṣù Keje Tó Wọlé

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Nígbà tí oyún mi wọ oṣù kẹjọ, bàtà iṣẹ́ mi kò gba ẹsẹ̀ mi mọ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ti ọkọ mi, èyí tó fi ń lọ tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Mò ń wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi iṣẹ́ bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ inú ọkọ̀ ojú omi méjì.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Houston. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọsibítù gan-an. Àwọn arúgbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀ kí wọ́n lè tún ìrìn kọ́. Wákàtí méjìlá la fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Gbígbé ni iṣẹ́ náà: gbé wọn dìde, gbé wọn jókòó, yí wọn padà. Tí mo bá wa mọ́tò délé ní Gulfton, àtẹ̀gùn ni mo tún ń bá jà, torí òkè ni àpátímẹ́ǹtì wa wà. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ni. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé orí ìkẹsàn-án ni mo ti máa ń dúró mí.

Oyún kejì nìyẹn. Nígbà tí mo bí àkọ́kọ́, ọmọbìnrin tó ti pé ọdún márùn-ún nísinsìnyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni mo fi wà nílé. Ìpínlẹ̀ Texas kò ní òfin kankan tó ń san owó fún obìnrin tó bá bímọ. Tí ibi iṣẹ́ rẹ bá fẹ́ ṣe ọ́ lóore, wọ́n á ṣe é. Tí wọn kò bá ṣe é, àwọn ọjọ́ ìsinmi tí o ti tọ́jú pamọ́ lo máa jẹ, tí o bá sì ti jẹ ẹ́ tán, o padà síbi iṣẹ́. Mo jẹ tèmi tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ kejì tí mo padà. Mò ń wọn ìfúnpá bàbá arúgbó òyìnbó kan nígbà tí ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n gbé wá kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni wàrà bá ya láyà mi, ó sì rin aṣọ iṣẹ́ mi gbingbin. Bàbá náà rí i. Ó kàn yí ojú sí ògiri, ó ń wo ògiri náà bí ẹni pé àwòrán wà níbẹ̀, títí mo fi parí tí mo sì jáde. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo sunkún, mo nu ojú, mo lọ sí yàrá tó kàn.

Torí náà, nígbà tí èyí ekejì dé, mo ti pinnu ohun tí màá ṣe. Mi ò tíì pé ọdún kan níbi iṣẹ́ yìí. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni wọ́n gbà mí, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ẹni pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, láì sanwó, ẹni tó bá ti pé ọdún kan ló wà fún. Mo lọ bá obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó wò mí, ó wo ikùn mi, ó ní òun lè fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láìsí owó, ojú àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ọjọ́ tí mo bá dá iṣẹ́ dúró ni kíkà á máa bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́. Bí mo ṣe ń jáde ni mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: màá ṣiṣẹ́ títí omi á fi já lára mi, kí gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà lè jẹ́ ti ọmọ. Dókítà ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje ni kí n máa retí ọmọ. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi sinmi kí ọmọ tó dé, mo ti jí i lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Bí mo ṣe rí i nìyẹn.

Nǹkan bí àárín oṣù kẹfà, mo wà ní yàrá tí a ti máa ń jẹun, mo gbé ẹsẹ̀ lé àga. Obìnrin kan wọlé. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, àwọn òyìnbó pàápàá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, nọ́ọ̀sì tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń wé híjáàbù rẹ̀ mọ́ orí pinpin kó má bàa fa ìdíwọ́. Ó jókòó síwájú mi, kò wo ojú mi, ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

“Bàtà ta nìyí?”

“Ti ọkọ mi ni, Àǹtí.”

“Ìgbà wo lo fẹ́ dúró?”

“Ó di ọjọ́ tí mo bá fẹ́ bí i, mà.”

Ó ṣí ìrẹsì rẹ̀, ó jẹ ṣíbí kan, ó tún ronú. “Ìwọ lo sọ fún mi pé o ti lọ ṣe iṣẹ́ ní California rí, àbí ta ni?”

“Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá péré.” Òótọ́ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, o fi ilé rẹ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, owó rẹ̀ sì dára ju ti ilé lọ. Mo fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ mo lọ.

“Nígbà wo gan-an?”

“Mo bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá. Mo parí ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹta ọdún tó kọjá.”

“Wọ́n yọ owó kan nínú owó rẹ níbẹ̀, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ wọn, yàtọ̀ sí owó orí?”

Mo rántí. Ó wà lórí gbogbo ìwé owó iṣẹ́ tí wọ́n fún mi, ìlà kékeré kan, kò ju sẹ́ǹtì mélòó kan lọ nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó máa ń bí mi nínú. Èmi kì í ṣe ará ìlú wọn, kí ló kàn mí?

Àǹtí gbé ṣíbí sílẹ̀. “Àbúrò mi, owó adójútòfò òṣìṣẹ́ nìyẹn. Mo gbé ní California fún ọdún mọ́kànlá kí n tó wá síbí, ibẹ̀ ni mo bí àbíkẹ́yìn mi sí. Ẹni tó bá dá sí i, tí àìsàn tàbí oyún bá wá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á máa san apá tó tóbi nínú owó rẹ̀ fún un. Oyún tí kò ní wàhálà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí o bá bí i. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún ń san ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn kí ìyá àti ọmọ lè mọ ara wọn.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, Texas la wà.”

“Ṣé wọ́n kọ Texas sára owó tí wọ́n yọ ni? Wọn ò bèèrè ibi tí o ń gbé. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ṣé o dá owó sí i ní àsìkò tí àwọn ń wò, ṣé o ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí o ń wá iṣẹ́ nígbà tí ara kọ̀, ṣé o pàdánù owó nítorí rẹ̀, ṣé dókítà ń tọ́jú rẹ. Tí owó tí o gbà ní àsìkò náà bá ti tó ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, o ti wọlé.”

“Ọ̀sẹ̀ kan ti tó fún ìyẹn.”

“Mo mọ̀. Àsìkò tí wọ́n ń wò ni ìṣòro.” Ó fa táwẹ̀lì bébà kan, ó gba bíírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ oṣù méjìlá sílẹ̀, ó pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta. “Wọn kì í wo iṣẹ́ tí o ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n á padà sẹ́yìn. Tí ọjọ́ tí o dúró bá bọ́ sí oṣù kẹrin, karùn-ún tàbí ìkẹfà, ọdún tó kọjá látòkèdélẹ̀ ni wọ́n á wò, oṣù kìíní sí oṣù Kejìlá. Ìwọ wà níbẹ̀ ní oṣù kìíní?”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Oṣù kejì ńkọ́?”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù keje, wọ́n á sún àsìkò náà síwájú. Oṣù kẹrin ọdún tó kọjá títí dé oṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n á wá máa wò. Níbo lo wà ní oṣù kẹrin?”

Mo ti padà sí Houston nígbà náà, mò ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan síhìn-ín, ọjọ́ méjì sọ́hùn-ún. Owó tó kẹ́yìn tí mo gbà lọ́wọ́ California, àárín oṣù kẹta ni.

“O rí i,” Àǹtí wí. “Tí o bá ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tí o fẹ́ bímọ, owó tí o dá ti jábọ́. Bí ẹni pé o kò dé ibẹ̀ rí.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá fún un, pé tí mo bá dúró nínú oṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti lọ kí ọmọ tó yọjú. Ó mi orí. Ó wá sọ ohun kan tó jẹ́ pé òun gan-an ló wọ̀ mí lára. “Mi ò ní kí o parọ́. Má lọ sọ fún dókítà pé ó rẹ̀ ọ́ tí kò bá rẹ̀ ọ́. Mo kàn ń bi ọ́ léèrè: ṣé kò rẹ̀ ọ́ ni?”

Mo fẹ́ dáhùn pé kò rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo kàn ń wo bàtà náà.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti League City dé ni, ó ti wà lókè àjà ilé ẹlòmíràn láti àárọ̀ nínú ooru oṣù kẹfà, iyọ̀ òógùn ti gbẹ sí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí owó, lórí ìwé tí California lè máà dáhùn,” ó ní. “Tí wọn ò bá wá san ńkọ́?”

“Àǹtí ní wọ́n san fún òun.”

“Àǹtí ń gbé níbẹ̀ nígbà yẹn.”

A kò jà. Ó ti rẹ àwa méjèèjì jù fún ìjà. Ó lọ wẹ̀, mo gbé oúnjẹ fún ọmọ, nígbà tó padà dé ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí ibùsùn, ó gbé ẹsẹ̀ mi kan lé itan rẹ̀, ó ń wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ eegun ojúgun mi, ibẹ̀ sì jìn wọnú, kò padà. “Dúró,” ó ní. “Jẹ́ ká dúró. Tí wọn ò bá san, a ó mọ bí a ṣe ń ṣe é.”

Ìyá mi ní Iléṣà rò pé mò ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni nígbà tí mo ṣàlàyé lórí fóònù. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. “Ìgbà tí mo bí ọ, oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé, ìjọba ń san owó mi. Ní Nàìjíríà wa níbí o! Kí lẹ wá sọ pé ẹ lọ ṣe ní Amẹ́ríkà ọ̀hún?”

Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ni mo lọ rí dókítà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Pearland. Obìnrin ni, ó máa ń yára sọ̀rọ̀. Ó ṣe ohun tí ọkọ mi ṣe gan-an, ó tẹ ojúgun mi, ó dúró. Ó bi mí pé wákàtí mélòó ni mo fi ń dúró lórí ẹsẹ̀. Mo sọ fún un. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un pé bí mo bá sọ ọ́, á di òótọ́. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti dá mi dúró ṣáájú ìsinsìnyí. Ó tẹ lẹ́tà kan: kí n má ṣe ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Mo ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà, mo fi lẹ́tà lé obìnrin ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, mo relé.

Mo sùn ọjọ́ méjì gbáko. Ọmọ mi á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á ní, “Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́,” torí ìkíni tí ó mọ̀ jù nìyẹn, á sì tún lọ.

Wọn kì í gba ìwé ẹni kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé lẹ́yìn tí o dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Àǹtí ló kì mí nílọ̀. Fọ́ọ̀mù oníbébà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Apá kan jẹ́ tèmi: orúkọ, nọ́ńbà ìjọba mi, ibi iṣẹ́ tí mo ti ṣe kẹ́yìn, ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ọjọ́ tí ara kọ̀. Apá kejì jẹ́ ti dókítà, òun ló máa jẹ́rìí sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù keje mo fi tèmi ránṣẹ́, mo sì gbé ti dókítà lọ sí Pearland. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ gbà á, ó jù ú sínú agbọ̀n kan tó ti kún. Ó ní wọ́n á ṣe é.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje ni mo bí ọmọkùnrin. Kò yọ mí lẹ́nu. Ìrọ̀bí wákàtí mẹ́fà, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, àárọ̀ ọjọ́ kẹta a wà nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹjọ, mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀ ilé. Lẹ́tà California wà níbẹ̀. Mi ò ní sùúrù láti gun òkè padà, mo já a nínú oòrùn. Àpótí kéékèèké mẹ́rin wà lórí ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, òdo ló wà nínú gbogbo wọn. Òdo, òdo, òdo, òdo. Wọ́n ní àwọn kò rí owó iṣẹ́ kankan tí mo gbà ní ìpínlẹ̀ àwọn ní àsìkò tí àwọn ń wò, nítorí náà kò sí ohun tí àwọn lè san.

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù kì í ṣe owó. Mo rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá náà, yàrá kékeré tí mo háyà, bí ọmọ mi ṣe máa ń gbé fóònù sún mọ́ ojú tó jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ìwé yìí ń sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Mo ya fọ́tò lẹ́tà náà, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó pè.

“Wo òkè ìwé náà. Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ pé àìlera rẹ bẹ̀rẹ̀?”

Mo wò ó. “Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje.”

“Ọjọ́ tí o bímọ.”

“Mo kọ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, Àǹtí! Ó dá mi lójú!”

“Ìwọ kọ ọ́. Dókítà kò kọ ọ́. Ti dókítà ni wọ́n tẹ̀ lé. Pè wọ́n kó lè dá ọ lójú.”

Aago mẹ́jọ tiwọn, mẹ́wàá tiwa ni, ni wọ́n máa ń ṣí fóònù. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ fi ń sọ fún mi pé èrò pọ̀ jù, kí n pe padà. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan gbé e. Ọmọ ń ké lọ́wọ́ mi. Mo ní kó jọ̀ọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ dá ọmọ lóhùn, òun ń dúró. Ó sì dúró lóòótọ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọmọ gba ọmú tán, ó ṣàlàyé fún mi pé bí Àǹtí ṣe wí ló rí. Tí dókítà bá lè tún ọjọ́ náà ṣe, tó sì sọ ìdí rẹ̀, àwọn á tún un ṣírò. Ó ní kí n má jẹ́ kó pẹ́, pé mo ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà náà láti takò ó. Ó kí mi kú oríire ọmọ kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá bá mi, kò tíì sùn. Mo ní kó lọ sinmi. Ó ní òun á sinmi nínú mọ́tò. A gba fríwéè lọ sí Pearland, ọmọ wà lẹ́yìn nínú àga rẹ̀, Àǹtí sùn lóòótọ́, orí rẹ̀ fara ti gíláàsì.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú ìwé ní kí n kọ ohun tí mo ń fẹ́ sílẹ̀, ó di ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Mo ní mi ò ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní, “Ọjọ́ ìbí la máa ń kọ fún gbogbo ènìyàn, mà. Ọjọ́ yẹn ni ìsinmi wọn máa ń bẹ̀rẹ̀.”

Kò purọ́. Ní ìlú tó jẹ́ pé gbogbo obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ di ọjọ́ ìrọ̀bí, kí ni ì bá kọ? Mi ò lè bínú sí i. Mo kàn sọ fún un, jẹ́jẹ́, pé dókítà rẹ̀ ló ní kí n dúró ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, lẹ́tà náà wà nínú fáìlì mi, ìyàtọ̀ ọjọ́ méjèèjì yìí sì ni ìyàtọ̀ láàárín owó àti òdo. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tún wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà. “Mo rí i,” ó wí. “Mi ò wo ibẹ̀. Ẹ má bínú.”

Ó wọ inú lọ. Dókítà jáde fúnra rẹ̀ láàárín aláìsàn méjì, ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ, ó kọ àtúnṣe sórí bébà ọ́fíìsì rẹ̀: ọjọ́ tó dá mi dúró, ẹsẹ̀ wíwú, iṣẹ́ gbígbé, ọjọ́ tí wọ́n ń retí ọmọ tẹ́lẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, wọ́n fi ẹ̀rọ fáàsì ránṣẹ́ lójú wa. Àǹtí ló wá dìde. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ẹ̀dà kan,” ó sọ fún wọn, “àti bébà tó fi hàn pé fáàsì náà lọ.” A gbà á. Ó ká a, ó fi í sínú báàgì ọmọ, sábẹ́ ìlédìí.

Láàárín ìgbà yẹn, California ti kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ mi pé kí wọ́n jẹ́rìí ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Obìnrin ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí. “Kí ni California ń wá lọ́dọ̀ wa? Texas ni wá.” Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe owó tiwọn ni wọ́n ń bèèrè, èmi ni mo ti dá a nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún. Ó ní ogún ọdún lòun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò gbọ́ ọ rí. Ó kọ ọ́, ó dá a padà.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí lẹ́tà kejì tó dé. Lọ́tẹ̀ yìí, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún tó kọjá ní owó nínú, òdo ló kù. Láti inú oṣù mẹ́ta tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n ti ń ṣírò iye tí wọ́n á san lọ́sẹ̀, kò sì já mi kulẹ̀. Wọ́n yọ ọjọ́ méje àkọ́kọ́, torí wọn kì í san ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, wọ́n san ìyókù lẹ́ẹ̀kan náà, títí dé ibi tí a dé. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i lórí fóònù. Ó fi hàn mí, ó ń retí pé màá pariwo. Mo wò ó, mo ní, “Ó dáa,” mo bá gbé orí lé apá rẹ̀, mo sùn lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè mira fún wákàtí kan.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n fi fọ́ọ̀mù mìíràn ránṣẹ́ fúnra wọn, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ìyá fi ń jókòó ti ọmọ. Mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n California lè san owó o, kò lè fi iṣẹ́ mi ní Houston pamọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ojú àánú náà ti fẹ́ parí. Mo bẹ obìnrin ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, ó ní kò sí mọ́. Mo bi í bóyá mo lè padà wá ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀mẹta fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn ló gbà. Kò pọn dandan kí n jẹ ọ̀sẹ̀ tó kù lọ́dọ̀ California lẹ́ẹ̀kan náà, mo lè gé e wẹ́wẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún kan. Torí náà, ọjọ́ iṣẹ́ kẹta ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, California ń san apá rẹ̀. Bí mo ṣe padà nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹsàn-án, nínú bàtà ara mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfún-wàrà nínú àpò.

Inú mi kò dùn, inú mi kò sì bàjẹ́. Ó rẹ̀ mí, bó ṣe máa ń rẹ ìyá ọmọ oṣù méjì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe irú rírẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ara mi ti jinná. Wàrà mi kò ya ní yàrá aláìsàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ará Hàítì, wá bá mi níbi tí mo ti ń to oògùn. Oyún oṣù márùn-ún ló ní. Ó ti gbọ́ pé ìjọba kan san owó fún mi, ó fẹ́ mọ fọ́ọ̀mù tí òun náà máa kọ. Ojú rẹ̀ ń dán.

“O ti ṣiṣẹ́ ní California rí?” mo bi í.

“Rárá.”

“New York ńkọ́? New Jersey?” Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí wọ́n ní irú rẹ̀.

“Houston nìkan. Láti ìgbà tí mo ti dé.”

Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́, mi ò rí èyí tó rọ̀. Mo sọ fún un pé owó àwọn tó dá sí i ni, ẹni tí wọn kò yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè rí i gbà, ìlú wa kì í sì í yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó lọ bèèrè ohun tí ibi iṣẹ́ lè ṣe fún un, kó sì lọ ní kíákíá. Ó gbọ́. Ó ní, “Ó dáa, mà,” ó yí padà.

Gílóòbù tí aláìsàn yàrá kejìlá fi ń pè wá tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan tó wúwo gan-an, ọmọbìnrin yìí ló sì yẹ kó lọ yí i. Mo pè é padà, mo ní kó jókòó sórí àga mi. Mo ti oògùn sínú àpótí, mo tì í pa, mo lọ bá a yí aláìsàn náà fúnra mi.